Fóònù ìyá mi bọ́ sínú omi ẹ̀gẹ́, ó ń ya ẹ̀kán omi sójú: ṣé a lè sáájì rẹ̀?

Àbíkẹ́ Ìgbó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láàárọ̀ òní ni ìyá mi wà níbi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́ fún gàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ti àpò tó wà lábẹ́ jáàkì, ni fóònù bá yọ́ láti àyà aṣọ wọn, ó di inú bàsíà tí omi ẹ̀gẹ́ ń kán sí. Wọ́n fà á yọ kíá, wọ́n nù ún mọ́ ìró, ó sì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tilẹ̀ fi pe èèyàn.

Ìgbà tí wọ́n délé ni wàhálà dé. Àbúrò mi ọkùnrin fi wáyà bọ̀ ọ́, fóònù dún, ó ya àwòrán ẹ̀kán omi sójú, ó sì kọ iná. Ó ń yọ ọ́, ó ń tún un kì. Nígbà tó yá, ó gbà á fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀, ìsàlẹ̀ fóònù wá gbóná, ó tún kọ̀. Bátìrì ku 31%. Àwọn oníbàárà láti Èkó ń pe ìyá mi lórí nọ́ńbà yìí nítorí gàrí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọkàn wọn kò balẹ̀ rárá. Samsung ni, ihò sáájì rẹ̀ jẹ́ Táìpù-Sí. Kí ni ká ṣe?

Bàbá Ṣàgámù

Ọmọ mi, má fòyà. Pa á, kó o kì í bọ inú ìrẹsì gbígbẹ kó sùn síbẹ̀. Bó bá ṣì ń ya ẹ̀kán omi lọ́la, fi í sílẹ̀ ní pípa kó o fi ṣájà bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí fóònù bá ti kú, kò ní mọ̀ pé omi wà níbẹ̀, á gba iná. Tèmi gba iná bẹ́ẹ̀ nígbà òjò tó kọjá.

Ẹnjiníà Ìjẹ̀bú-Òde

Àbíkẹ́, ẹ má tíì fi wáyà kankan bọ̀ ọ́, ì báà wà ní títàn, ì báà wà ní pípa. Bàbá Ṣàgámù, ẹ ṣeun, ó yẹ kí wọ́n pa á lóòótọ́, kí wọ́n pa á báyìí. Ṣùgbọ́n sísáájì rẹ̀ ní pípa yẹn ni n kò fara mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ihò sáájì tó ń dé orí tábìlì mi gbà bàjẹ́.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà. Ẹ ó rí ahọ́n pẹlẹbẹ kan láàárín rẹ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ góòlù wà lára rẹ̀, 12 lókè, 12 nísàlẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ló ń gbé iná wọlé. Èyí tó tẹ̀lé ọ̀kan nínú àwọn onínáà yìí gan-an ni fóònù àti ṣájà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ pé iná mélòó ni kí n gbé wá. Àlàfo àárín wọn kò tó ìdajì mìlímítà. Bí omi bá jókòó sí àlàfo yẹn, iná á gba orí omi kọjá. Fóònù ìyá yín ti wò ó, ó rí i pé iná ń jò láàárín ìlà tí kò yẹ kó jò sí ara wọn, ìyẹn ló jẹ́ kó ya ẹ̀kán omi.

Omi nìkan kì í tètè jẹ irin tó wà níbẹ̀. Omi pẹ̀lú iná ló ń jẹ ẹ́. Bí iná bá ń gba inú omi kọjá, irin ìlà tó ń gbé iná wọlé á máa yọ́ sínú omi yẹn. Góòlù ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, bí ó bá ti ṣí, bàbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ á di dúdú tàbí kó ní àwọ̀ ewé. Èyí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: bí fóònù bá kọ iná, kò túmọ̀ sí pé iná ti kúrò lẹ́nu wáyà. Wáyà tí orí rẹ̀ kan fẹ̀, èyí tí a ń kì bọ ṣájà àtijọ́ tàbí páwá báǹkì, 5 fólítì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ nígbàkígbà tí ṣájà bá wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fóònù lè má gba nǹkan kan, bátìrì lè má kún ní 1%, kí irin sì máa jẹ lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá fi wáyà sílẹ̀ lára rẹ̀ di òru pé bóyá yóò padà gbà á, irin rẹ̀ ló ń fi jẹun fún omi. Ti ẹni tó pa fóònù kó tó kì í kò yàtọ̀. Bí ó tilẹ̀ gba iná, ó kàn jẹ́ pé ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti sùn lọ ni.

Gbígbóná tí ìsàlẹ̀ fóònù gbóná yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Iná tó yẹ kó wọ bátìrì ló ń di ooru nínú ihò. Lẹ́yìn ìyẹn, omi ẹ̀gẹ́ kì í ṣe omi òjò. Ó kan, iyọ̀ inú ẹ̀gẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣìtáàṣì náà wà nínú rẹ̀. Iná ń gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa, bí omi rẹ̀ bá sì gbẹ, ohun tó wà nínú rẹ̀ á kù sílẹ̀.

Ẹ ṣe báyìí lálẹ́ òní: ẹ pa á, ẹ bọ́ àpò ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fa àwo síìmù rẹ̀ jáde. Ẹ fi síìmù náà sínú fóònù míì kí àwọn ará Èkó lè rí ìyá bá sọ̀rọ̀, nítorí nọ́ńbà ni wọ́n ń wá. Ẹ wá dojú ihò kọ ilẹ̀, ẹ fi fóònù gbá àtẹ́lẹwọ́ jẹ́jẹ́. Omi lè kán jáde. Kí ó dúró gbọnrangandan, ihò nísàlẹ̀, níwájú fáànù. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ló ń lọ síbẹ̀, ìfẹ́ náà á sì ti omi wọ inú. Ẹ má ki òwú tàbí bébà bọ̀ ọ́. Ẹ sọ fún mi ohun tí ẹ rí nígbà tí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì.

Bàbá Ṣàgámù

Ẹnjiníà, mo gbọ́ ti wáyà. Ti ìrẹsì ńkọ́? Ìrẹsì ń fa omi, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìrẹsì kò bá sì sí, ìyá tó ń yan gàrí kò ṣàì ní ààrò. Kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ooru á gbé omi rẹ̀ lọ.

Ẹnjiníà Ìjẹ̀bú-Òde

Bàbá, ìrẹsì ń fa omi tó bá kàn án. Omi tó wà nínú ihò kò kan ìrẹsì rárá. Àsìkò ló ń gbẹ ẹ, ì bá sì yá bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí i ju kó wà ní sísin lọ. Èrúnrún àti ìyẹ̀fun ìrẹsì á sì wọ ihò, èmi ni n óò tún máa fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́. Apple gan-an ti kọ ọ́ sínú ìtọ́ni wọn pé kí a má kì í bọ ìrẹsì. Ti ẹ̀gbẹ́ ààrò, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Bátìrì kò fẹ́ ooru bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù tó lẹ ojú fóònù mọ́ ara rẹ̀ náà á rọ̀.

Ìyá Aláṣọ Òkè-Àje

Ẹ̀yin èèyàn mi, tèmi kò bọ́ sómi rárá o, ó sì ń ya ẹ̀kán omi yìí! Ọjọ́ Ojúde Ọba ni. Oòrùn mú, èrò pọ̀, mo fi fóònù sí àyà láti àárọ̀. Mo délé, mo ní kí n sáájì, ó kọ̀. Ó gbà á lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n títí di báyìí, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí kò sí omi kankan nítòsí. Ṣé bátìrì ni kí n pààrọ̀?

Ẹnjiníà Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá, ẹ má ra bátìrì. Òógùn ni. Iyọ̀ wà nínú òógùn, ó gbẹ sínú ihò, ìdọ̀tí aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tutù díẹ̀, bí àárọ̀ òjò, ìdọ̀tí yẹn á fa ìrì mọ́ra, iná á tún jò, fóònù á ní omi ni.

Ẹ kọ́kọ́ wá wáyà míì tó gbẹ. Ẹnu wáyà náà ń lómi nínú, àwọn èèyàn kì í wò ó. Bí ẹ̀kán omi bá hàn pẹ̀lú wáyà kan tí kò hàn pẹ̀lú èkejì, wáyà lẹ máa jù nù. Bó bá hàn pẹ̀lú méjèèjì, ẹ gbé e wá kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti sípíríìtì fọ ihò rẹ̀. Nígbà míì, fóònù gbẹ tán pátápátá, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà há sínú rẹ̀. Ti Samsung, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Apps, ẹ jẹ́ kó fi àwọn áàpù inú fóònù fúnra rẹ̀ hàn, ẹ wá USBSettings, ẹ tẹ Storage, kí ẹ wá tẹ Clear cache. Kò ní pa àwòrán tàbí nọ́ńbà yín rẹ́. Ẹ jẹ́ kó dá yín lójú pé ó gbẹ kí ẹ tó ṣe é. Àbíkẹ́, ẹ̀yin ẹ má tíì dé ibẹ̀ yẹn.

Àbíkẹ́ Ìgbó

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. A ti pa á, síìmù ti wà nínú fóònù àbúrò mi, ìyá mi ti ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, ara ti tù wọ́n díẹ̀. A gbá a lọ́wọ́, omi funfun bíi mílíìkì kán jáde. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ahọ́n inú rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, nǹkan funfun ti ń gbẹ mọ́ ọn. N kò rí dúdú, àmọ́ ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran dé inú. Kò sí iná níbí báyìí, jẹnẹrétọ̀ la fi ń tan fáànù, a máa pa á tó bá di aago mẹ́wàá.

Ọmọ Ìlíṣàn

Ẹ kú àtìgbà, ẹ̀yin àgbà. Mo ń tún fóònù ṣe ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ níbí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohun funfun yẹn, ṣìtáàṣì ni. Ní tèmi, ìdúró de gbígbẹ nìkan kò tó. Bó bá gbẹ síbẹ̀, á le, omi kíkan rẹ̀ á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n fi omi tó mọ́ ṣan ẹnu ihò náà lálẹ́ òní kó tó gan, kí wọ́n wá gbẹ ẹ. Apple àti Samsung náà sọ pé bí ohun tí kì í ṣe omi lásán bá dà sí fóònù wọn, ká fi omi ṣan án.

Ẹnjiníà Ìjẹ̀bú-Òde

Àbúrò, òótọ́ lo sọ nípa ṣìtáàṣì. Ṣùgbọ́n fóònù tí wọ́n ṣe kí omi má wọ̀ ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀. Àbíkẹ́, ẹ wo ara páálí rẹ̀ tàbí ìwé tó bá a wá, ṣé ẹ rí IP67 tàbí IP68 níbẹ̀?

Àbíkẹ́ Ìgbó

Páálí wà níbí. N kò rí IP kankan.

Ẹnjiníà Ìjẹ̀bú-Òde

Ó dáa. Tèmi ni pé kí ẹ má da omi sí i. Fóònù tí kò ní IP, kò dájú pé rọ́bà dí ẹ̀yìn ihò rẹ̀. Omi tí ẹ bá dà sí ẹnu ihò lè gba abẹ́ rẹ̀ dé orí bọ́ọ̀dù. Bátìrì rẹ̀ kò sì ṣeé yọ, nítorí náà iná ṣì wà lórí bọ́ọ̀dù díẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ pa á. Kí ẹnjiníà tó wà nítòsí yín tú u, kó yọ bátìrì kúrò lórí bọ́ọ̀dù, kó fi sípíríìtì tí wọ́n kọ 99% sí lára fọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n ń tà nílé oògùn tí wọ́n kọ 70% sí, omi pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìlíṣàn

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀la Sunday ni. Ẹnjiníà wo ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Tó bá fi di Monday, omi kíkan yẹn ti wà lórí irin fún ọjọ́ méjì. Omi tó ti wọ inú ti wọ̀ ná. N kò ní kí wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Omi bátìrì mọ́tò, èyí tí kò ní ásíìdì nínú, ẹ̀kán díẹ̀ lórí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀, ihò nísàlẹ̀ kí ó lè máa kán padà. Iyọ̀ kò sí nínú omi yẹn.

Ẹnjiníà Ìjẹ̀bú-Òde

Ó ní ọgbọ́n nínú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìwọ ló mọ ọ̀n ṣe. Ẹni tí kò ṣe é rí lè tẹ ahọ́n yẹn kó kán. Níbòmíì, ẹni tó ń ta omi bátìrì á fi ásíìdì fún èèyàn láìbèèrè. Èmi ò ní sọ fún un pé kó ṣe é.

Ọmọ Ìlíṣàn

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé ó léwu. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ fóònù ìyá tèmi ni, màá ṣe é lálẹ́ òní.

Bàbá Ṣàgámù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yan ọ̀kan fún ọmọdébìnrin yìí.

Àbíkẹ́ Ìgbó

Ìyá mi ní kí a má fi omi kan kan án mọ́. A ti gbé e dúró síwájú fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ihò nísàlẹ̀. Màá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà ní Monday.

Ẹnjiníà Ìjẹ̀bú-Òde

Kò burú. Àkókò òjò la wà, afẹ́fẹ́ ilé náà tutù, ẹ má retí pé wákàtí méjì tó. Fún omi lásán, bí fáànù bá wà, mo máa ń ní kí èèyàn fún un ní wákàtí 24. Bí kò bá sí fáànù, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tiyín ní láti di títú, nítorí náà kí ẹ má tàn án wò láàárín. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án tó gbóná nígbà tó wà ní pípa tí wáyà kankan kò sí lára rẹ̀, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń wú, ẹ gbé e jáde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, sórí sìmẹ́ńtì níta, kí ẹ sì má sáájì rẹ̀ mọ́ láé. Bátìrì ló ń bàjẹ́ nìyẹn.

Ìyá Aláṣọ Òkè-Àje

Ẹnjiníà, wáyà míì kò ya ẹ̀kán omi o! Wáyà àtijọ́ ni, mo wò ó, ẹnu rẹ̀ ti dúdú lápá kan. Mo ti kó o dànù.

Àbíkẹ́ Ìgbó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jíyìn. Ẹnjiníà tú u níwájú mi. Ibi ihò sáájì kò sí lára bọ́ọ̀dù ńlá, bọ́ọ̀dù kékeré kan ló wà fún un nísàlẹ̀, ṣìtáàṣì ti lẹ̀ mọ́ eteetí rẹ̀, ó funfun báláú. Bọ́ọ̀dù ńlá mọ́, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó fi sípíríìtì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru díẹ̀ gbẹ ẹ. Ó fi awò ńlá hàn mí: ìlà méjì ti dúdú ní ojú kan ahọ́n yẹn, wọ́n sún mọ́ ara wọn. Ojú kejì ń dán.

Ẹ̀kán omi ti lọ. Àmọ́ nǹkan kan ń ṣe mí ní kàyéfì. Bí a bá kì wáyà bọ̀ ọ́ báyìí, ó ń sáájì. Bí a bá yí orí wáyà kan náà padà, kò gbà á rárá. Ẹnjiníà ní kí á pààrọ̀ bọ́ọ̀dù kékeré yẹn. Ìyá mi ní bó bá ti gbà á lójú kan, ó tó.

Ẹnjiníà Ìjẹ̀bú-Òde

Àwọn ìlà tí mo sọ fún yín yẹn ni, èyí tó ń gbé iná wọlé àti èyí tó ń bá ṣájà sọ̀rọ̀. Ojú méjèèjì ahọ́n ló ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí wáyà Táìpù-Sí fi ṣeé kì lójú yòówù. Ojú kan ti jẹ, fóònù kò gbọ́ ohun tí ṣájà ń sọ láti ibẹ̀ mọ́. Ìgbà tí àbúrò yín ń kì í tó ń gbóná ló jẹ.

Ẹ lè máa lò ó lọ́nà tí ìyá wí yẹn fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣọ́ ọ. Ẹ sáájì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fọwọ́ kan ẹnu ihò àti àárín ẹ̀yìn fóònù. Ó yẹ kí ẹ̀yìn lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Bí ẹnu ihò bá gbóná ju ẹ̀yìn lọ, ìlà tó kù ti ń jẹ nìyẹn, ẹ tètè pààrọ̀ bọ́ọ̀dù kékeré náà. Títí dìgbà yẹn, ẹ má fi í sáájì mọ́jú, ẹ má sì lo ṣájà tó ń sáré lára rẹ̀, nítorí irú ṣájà bẹ́ẹ̀ lè gbé 9 fólítì wá dípò 5.

Bàbá Ṣàgámù

Ẹnjiníà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sínú tèmi, èyí tí mo sáájì ní pípa lọ́jọ́sí. Mo rí àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún. Ọjọ́ wo lẹ máa wà ní ṣọ́ọ̀bù?

Ẹnjiníà Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ máa bọ̀ lọ́la, bàbá. Ẹ mú wáyà rẹ̀ dání.